Oníbàárà mi l'Ábújá ti lọ fi orúkọ kọfí mi gba tírédímáàkì lórúkọ ara ẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Bọ́sẹ̀Kọfí
Òkun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, láti àná ni mi ò ti rí oorun sùn. Mo ní kọ́mpìnì kékeré kan níbí ní Kábà, àwa mẹ́rin là ń ṣe é, kọfí là ń yan tá a ń lọ̀ tá a ń dì sínú ọ̀rá, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìjùmú la ti ń ra èso ẹ̀. Orúkọ tá a fún un ni Ìrì Òwúrọ̀. 2021 la gba ìwé CAC, ọdún yẹn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Ní 2023 ọkùnrin kan l'Ábújá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ mi, páàkì Kábà ni mo ti ń fi í ránṣẹ́ sí i, ogójì ọ̀rá ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó di páálí mẹ́wàá mẹ́wàá lóṣù. Mi ò ní wàhálà kankan pẹ̀lú ẹ̀, ó máa ń san owó ẹ̀ déédéé.

Wọ́n ní tí mo bá máa gba nọ́ńbà NAFDAC kí n mú ẹ̀rí tírédímáàkì wá, mo wá bá ẹ́jẹ́ǹtì kan sọ̀rọ̀ pé kó bá mi ṣe é. Ó wo inú ìwé wọn, ló bá pè mí pé ẹnì kan ti fi Ìrì Òwúrọ̀ sílẹ̀ fún kọfí, ó ti jáde nínú jọ́nàlì tírédímáàkì ti 6 Oṣù Karùn-ún. Ó fi fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ ọkùnrin yẹn ló wà níbẹ̀! Lógò mi náà ló fi síbẹ̀, ewé méjì tó dojú kọra, kódà ewé ọwọ́ òsì tí dísáínà wa gé lẹ́nu jù, tí mo ti ń sọ pé a máa tún ṣe, bó ṣe gé gẹ́lẹ́ náà ló wà nínú tiẹ̀.

Mo pè é. Ó ní "Màdámù, àwa méjèèjì ni mo ń dáàbò bò." Ẹ́jẹ́ǹtì ní kí n kúkú yí orúkọ padà kí n má bàa fi àkókò ṣòfò. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń ta orúkọ yìí o. Ṣé òótọ́ ni pé kò sóhun tí mo lè ṣe?

ỌmọMọ̀pà
Àǹtí, ẹ má mikàn rárá. Ẹ ti ní CAC láti 2021, ẹ̀yin lẹ ni orúkọ náà nìyẹn, ìjọba ò lè fún ẹlòmíì mọ́. Ẹ kàn mú sátífíkéètì CAC yín lọ bá wọn l'Ábújá, wọ́n máa fagi lé tiẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ lọ gba pátẹ́ǹtì lórí orúkọ náà kó lè lágbára.

Lọ́yàÌyàrá
Ẹ kú ìdààmú Àǹtí Bọ́sẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe l'Ábújá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ohun tí àbúrò mi láti Mọ̀pà sọ yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí kòtò.

CAC àti tírédímáàkì kì í ṣe ilé kan náà. Orúkọ kọ́mpìnì ni CAC fún yín, ìyẹn kí kọ́mpìnì míì má bàa jẹ́ orúkọ yẹn. Orúkọ tó wà lára ọjà, iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ tírédímáàkì ló ń mójú tó o, lábẹ́ mínísírì okòwò l'Ábújá. Tẹ́ ẹ bá mú CAC nìkan lọ, wọ́n á kàn bi yín pé tírédímáàkì yín dà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ nù o, ó máa wúlò bí ẹ̀rí pé ẹ ti ń jẹ́ orúkọ náà kí ọkùnrin yẹn tó mọ̀ yín. Pátẹ́ǹtì ní tiẹ̀, ohun tuntun téèyàn hùmọ̀ ni wọ́n ń fún ní pátẹ́ǹtì, wọn kì í fún orúkọ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìrètí yín wà. Jíjáde nínú jọ́nàlì ò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fún un. Ìdí tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde gan-an ni pé kí ẹni tó bá lẹ́jọ́ wá rò ó. Oṣù méjì ni òfin fi sílẹ̀, láti ọjọ́ tí jọ́nàlì jáde ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́. Tó bá jẹ́ 6 Oṣù Karùn-ún ló jáde, ẹ má jẹ́ kó di 6 Oṣù Keje kí ìwé àtakò yín tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ níbẹ̀ báyìí, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé ní òru.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ nínú ìwé náà ni pé kì í ṣe òun ló ni orúkọ náà. Òfin sọ pé ẹni tó bá ń pe ara ẹ̀ ní ẹni tó ni àmì náà ló lè wá fi í sílẹ̀, ẹni tó ń gba ọjà lọ́wọ́ olóko kọ́ ló ni oko. Ẹ tún máa sọ pé tí wọ́n bá fún un, ọjà méjì máa wà lórí àtẹ pẹ̀lú orúkọ kan, àwọn tó ń rà á ò ní mọ èwo ni tiyín.

Ẹ wá kó ẹ̀rí jọ láti òní. Ìwé tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ ní páàkì, rìsíìtì ẹni tó tẹ lébù àkọ́kọ́, owó tí ọkùnrin náà ń san sí àkáǹtì yín pẹ̀lú ọjọ́ tó san án, fọ́tò tẹ́ ẹ gbé sórí Fesibúùkù ní 2021. Wọ́sáàpù tẹ́ ẹ jọ ń sọ, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀, kódà èyí tó dùn yín. Èyí tó ní "ẹ fi Ìrì Òwúrọ̀ páálí márùn-ún ránṣẹ́ sí mi" wúlò ju ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, torí òun fúnra ẹ̀ ló fi í hàn pé ọwọ́ yín ni ọjà ti ń wá.

Kẹ́ ẹ sì fi tiyín náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìpín 30, ibẹ̀ ni kọfí wà. Àwọn kan máa ń fi tiwọn sílẹ̀ nìkan, wọn ò ní tako ti ẹni tó ti ṣáájú, nígbà tó bá yá wọ́n á fi ti ẹni àkọ́kọ́ dá tiwọn dúró. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ rìn. Ẹ́jẹ́ǹtì tó ní kẹ́ ẹ yí orúkọ padà, ẹ wá ẹlòmíì.

BàbáGbẹ̀dẹ̀
Ọmọ mi, mo kí ẹ. Tèmi ni pé kí lo ń bá a jà sí? Pe tìrẹ ní Kọfí Kábà, kò sẹ́ni tó lè gba Kábà lọ́wọ́ ẹ l'Ábújá. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ilẹ̀ wa ni kọfí ti ń wá, orúkọ ìlú máa tà ju Ìrì Òwúrọ̀ lọ.

Lọ́yàÌyàrá
Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ẹ forí jì mí sà, ìyẹn gan-an ni wọn ò ní fún un ní tírédímáàkì lé lórí. Orúkọ ìlú àti orúkọ ọjà, tí wọ́n bá dúró lásán báyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá wọn ni, torí gbogbo ẹni tó bá ń yan kọfí ní Kábà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́ sára ọjà ẹ̀. Tó bá tiẹ̀ kọjá nítorí lógò, wọ́n lè ní kó kọ̀wé pé òun ò dá Kábà ni, òun ò dá kọfí ni. Ìrì Òwúrọ̀ ló dáa jù, torí kò sọ nǹkan kan nípa kọfí. Ẹni tó bá sì gbé e, kò lè sọ pé òun kàn ń ṣàpèjúwe ọjà òun ni.

BàbáGbẹ̀dẹ̀
Ó yé mi báyìí. Kó jà á nìyẹn.

TúndéAyàwòrán
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fi kan kún un. Dísáínà ni mí ní Lọ́kọ́ja. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí: ta ló ya lógò yẹn, ṣé ìwé kankan wà láàárín yín? Torí àwọn èèyàn rò pé táwọn bá ti san owó lógò, tàwọn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin kọpiráìtì (ti 2022 ló wà lóde báyìí), tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, ẹni tó yà á ló ṣì ni kọpiráìtì ẹ̀ àyàfi tẹ́ ẹ bá jọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti di tiyín. Owó nìkan ò gbé e kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Kọpiráìtì ò nílò kéèyàn lọ fi í sílẹ̀ níbì kankan, bí mo ṣe yà á tán ló ti wà. Ìyẹn ló fi jẹ́ ohun ìjà fún yín, torí ọkùnrin Ábújá yẹn ò ya nǹkan kan, àwòrán ẹlòmíì ló gbé lọ síwájú ìjọba. Ewé tó gé yẹn náà, ọlọ́run ló fi ṣe é fún yín, àṣìṣe kan náà ò lè jáde lọ́wọ́ èèyàn méjì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dísáínà yín pẹ̀lú owó, tí bọ̀ọ̀dá yẹn fọwọ́ sí ìwé fún un, ohun ìjà yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ lọ bá a lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Bọ́sẹ̀Kọfí
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Kò sí ìwé kankan láàárín èmi àti dísáínà, ẹgbẹ̀rún márùndínlógún ni mo fi ránṣẹ́ sí i, ó fi lógò ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, ó parí. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé wọn, mo ń lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí i pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Lébù tá a tẹ̀ kẹ́yìn, ẹgbẹ̀rún méjì, ọkùnrin náà ló san owó ẹ̀ torí mi ò lówó lọ́wọ́ nígbà yẹn. Nọ́ńbà fóònù tiẹ̀ náà ló fi síbẹ̀ pé kí àwọn oníbàárà Ábújá máa pe òun. Ṣé kò tíì bà á jẹ́ báyìí?

ÌyáGààríẸ̀gbẹ̀
Bọ́sẹ̀, èmi náà ti jẹ irú ìyà yìí o, àmọ́ tèmi ò kan orúkọ. Gààrí alágbọn ni mò ń ṣe, ọdún mẹ́ta ni mo fi wá ọ̀nà tí àgbọn ẹ̀ ò fi ní dìkàsì kó tó tó oṣù méjì. Mo gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́, mo kọ́ ọ ní gbogbo ẹ̀ bí ọmọ inú mi, bó ṣe pé oṣù mẹ́jọ ó ní òun fẹ́ lọ kàwé, ó bá dé ìlú kejì ó ń ṣe gààrí alágbọn. Mo gba tésàn lọ, wọ́n bi mí pé kí ló jí. Mo ní ọgbọ́n mi. Wọ́n ní ọgbọ́n kì í ṣe ẹrù, kí n máa lọ sílé.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ọkùnrin yẹn ti ń bọ̀ ní Kábà wá wo ibi tẹ́ ẹ ti ń yan kọfí àbí? Ìyẹn ló yẹ kó o máa bẹ̀rù ju lébù lọ. Tó bá ti mọ bó o ṣe ń yan án, kí ló kù tó fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹ?

Lọ́yàÌyàrá
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Kò sí òfin kan lórílẹ̀-èdè wa tó dá dúró fún àṣírí iṣẹ́. Àdéhùn téèyàn jọ fọwọ́ sí ló ń gbé e ró, àti kí kóòtù gbà pé ẹni tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mọ̀ pé ìgbẹ́kẹ̀lé lẹ fi sọ ọ́. Ohun tí adájọ́ máa kọ́kọ́ bi yín ni pé kí lẹ ṣe tẹ́ ẹ fi fi hàn pé àṣírí ni. Tí ìwé tẹ́ ẹ kọ òṣùwọ̀n sí bá wà lára ògiri tí gbogbo ẹni tó wọlé ń kà á, ó ṣòro láti pè é ní àṣírí. Ó máa ń bá a lọ dáadáa tí òṣìṣẹ́ kan bá mọ apá kan, tí ẹnì kejì mọ apá kejì, tí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí ojú ìwé kan kí wọ́n tó wọ iṣẹ́. Ti ọmọ tó ti lọ yẹn ti le díẹ̀, mi ò ní tàn yín.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, ó ṣeun tẹ́ ẹ sọ ti lébù. Kò bà á jẹ́ pátá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni lọ́yà tiẹ̀ máa gbá mú, á ní òun lòun gbé orúkọ náà níyì l'Ábújá, àwọn ará ibẹ̀ mọ òun ni. Ẹ mú ọ̀kan nínú lébù náà kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ṣe é sí, orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ orúkọ kọ́mpìnì yín àti Kábà ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà tiẹ̀ kàn sọ pé òun ni alágbàtà. Owó tó san ńkọ́, ṣé ẹ yọ ọ́ nínú owó ọjà tó gbà? Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ̀yin lẹ san án. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti jọ sọ ọ́.

ỌmọMọ̀pà
Mo gbà pé mo ṣì í sọ lórí CAC. Àmọ́ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń yan án ńkọ́, Àǹtí? Mo rí i lórí Fesibúùkù yín, ìlù onírin tó ń yí lórí gáàsì yẹn. Ìyẹn ló yẹ fún pátẹ́ǹtì o!

ẸnjiníàÌsánlú
Ìyẹn tí o rí i lórí Fesibúùkù yẹn gan-an ló bà á jẹ́, àbúrò. Ohun tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́, pátẹ́ǹtì ò sì sí fún ohun tí kì í ṣe tuntun. Àyè oṣù mẹ́fà kan wà nínú òfin, àmọ́ ti ẹni tó gbé e lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí ni, Fesibúùkù ò sí níbẹ̀. Ìlù tó ń yí lórí iná kúkú ti wà tipẹ́. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò níbí bóyá tuntun ni tàbí kò tuntun kí wọ́n tó fún èèyàn, wọ́n á kàn wo ìwé ẹ̀ bóyá ó pé. Èèyàn lè gbà á, kó máa san owó ẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹnì kan wá fọ́ ọ ní kóòtù lọ́jọ́ kan. Mo ti gba ọ̀kan rí fún ẹ̀rọ ìpàkàṣù, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Tí nǹkan kan bá wà nínú bẹ́ ẹ ṣe ń yan án tí fọ́tò ò fi hàn, bí ìgbà tẹ́ ẹ ń rẹ iná sílẹ̀, ẹ fi pa mọ́, ẹ má fi sí pátẹ́ǹtì. Ẹni tó bá gba pátẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọgbọ́n náà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè lọ kà.

AdéKábà
Mo ti tako ẹnì kan rí lórí orúkọ omi inú ọ̀rá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi ìwé àtakò sílẹ̀, tí wọ́n sì ti fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, oṣù kan péré ló ní láti fèsì, tí kò bá fèsì a jẹ́ pé ó ti pa á tì. Ẹni tèmi ò fèsì rárá, ó parí síbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé àwọn jalè kì í fẹ́ wá búra.

ÌyáGààríẸ̀gbẹ̀
Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sá o Adé. Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹni yẹn fèsì, ó kó lọ́yà méjì wá, ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà, títí di báyìí wọn ò tíì dá a. Kó má fi gbogbo owó ọjà sí i.

Lọ́yàÌyàrá
Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Tó bá fèsì, ẹ̀rí máa wọlé nípa ìwé ìbúra, rẹ́jísírà á gbọ́ ọ, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀.

Ẹni tí àkókò bá ti kọjá mọ́ lórí ò ṣòfò pátápátá o. Òfin ò jẹ́ kí ẹni tó gba ìwé dá ẹni tó ti ń lo orúkọ náà ṣáájú ẹ̀ dúró, tí kò bá tíì dáwọ́ dúró, ẹni tó ti ń lò ó ṣáájú yẹn sì lè béèrè pé kí wọ́n yọ ti ẹni kejì kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ ìyẹn ò tó, torí NAFDAC ń béèrè ẹ̀rí tírédímáàkì lọ́wọ́ ẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ fi ẹ̀tọ́ láti máa tà ṣe tí kò bá rí nọ́ńbà gbà? Ìyẹn ni mo fi ní kó má jẹ́ kí oṣù méjì yẹn kọjá.

Bọ́sẹ̀Kọfí
Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti dé láti ọ̀dọ̀ dísáínà. Ọkùnrin yẹn ti pè é! Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè é, ó ní kó fi fáìlì lógò tó mọ́lẹ̀ kedere ránṣẹ́ sí òun, òun máa fún un ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ọmọ náà ò tíì fi ránṣẹ́ torí kọ̀ǹpútà ẹ̀ bàjẹ́. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé fún un, ìyá ẹ̀ náà bá mi dá sí i. Ó ní òun máa fọwọ́ sí ìwé, àmọ́ òun fẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún kún ti tẹ́lẹ̀, mo gbà. Lọ́yà kan níbí ní Kábà máa kọ ìwé náà láàárọ̀ ọ̀la, èèyàn méjì á jẹ́rìí sí i.

Mo wo lébù náà. Orúkọ kọ́mpìnì mi àti Kábà ló wà níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ṣe é sí. Mo tún rí ibi tí mo ti kọ sí i ní Wọ́sáàpù pé kó yọ owó lébù nínú owó páálí ogún, ó ní "kò burú."

Lọ́yàÌyàrá, mo ti fi nọ́ńbà mi sínú ìnbọ́ọ̀sì yín. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dà mí láàmú: páálí mẹ́wàá tó bèèrè fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé kí n ṣì fi ránṣẹ́ sí i àbí kí n dáwọ́ dúró?

Lọ́yàÌyàrá
Mo ti rí i. Ẹ má tíì fi ránṣẹ́, ẹ má sì bá a jà lórí fóònù. Mo máa pè yín ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ní ìwé páàkì lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá máa gbé e.